Làákàyè ni àbí ìrírí? Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú

Ọmọ Kábà tó lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì kò ronú pé ẹnikẹ́ni máa bi òun ní ohun tí Descartes sọ. Ṣùgbọ́n GST 212 dé, kọ́ọ̀sì fìlọ́sọ́fì àti lọ́jíìkì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ tàbí ìṣirò owó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé ọ̀rọ̀ méjì tó ń dùn létí tí kò sì yé ẹnikẹ́ni: ráṣọ́nálísímù àti ẹmpírísísímù.

Wọ́n ní kí àbúrò mi kan láti Ìyàrà sọ ibi tí ìmọ̀ ti wá, ó sì fi ohun tó jọ ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ráṣọ́nálísímù gbà pé ọpọlọ ni a fi ń mọ nǹkan, àwọn ẹmpírísísímù gbà pé ojú àti etí ni. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?" Kò tó. Bí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, olùkọ́ yóò fún un ní máàkì díẹ̀ nítorí pé kò parọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń jà sí. Ohun náà ni mo fẹ́ là yé yín níbí, kí n tó sọ bí a ṣe ń tò ó sínú ìdáhùn.

Kí ni wọ́n ń jà sí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà Kábà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta múdù gàrì kan lónìí, kò sí bí ẹ ṣe lè jókòó sílé kí ẹ rò ó títí tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ọjà, tàbí kí ẹni tó dé ibẹ̀ sọ fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ pé ₦1,000 ni múdù kan, ẹ kò tún ní láti padà lọ sí ọjà kí ẹ tó mọ̀ pé tí ìyá onígàrì kò bá dín owó kù, múdù mẹ́ta yóò jẹ́ ₦3,000. Ilé lẹ ti ṣe ìyẹn. Kódà bí ọjà náà bá jóná mọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ẹgbẹ̀rún kan kò ní yí padà.

Ìmọ̀ méjì nìyẹn, ọ̀nà tí a gbà rí wọn kò sì jọra. Ọ̀kan, ojú ló jẹ́rìí sí i. Èkejì, ìrònú ló jẹ́rìí sí i. Gbogbo àwọn tí ẹ ó dárúkọ nínú ìdánwò ló gbà pé ìyàtọ̀ yìí wà. Ìjà wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá béèrè pé: irú ìmọ̀ kejì yẹn, tí a kò lọ sọ́jà kí a tó ní in, ibo ló ti wá, báwo ló sì ṣe gbòòrò tó? Ṣé ó lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ayé, nípa Ọlọ́run, nípa ọkàn ènìyàn, àbí ìṣirò nìkan ló mọ?

Ráṣọ́nálísímù, tí n ó máa pè ní ẹgbẹ́ onílàákàyè, ni àwọn tó sọ pé làákàyè nìkan lè fún wa ní ìmọ̀ tó ṣe pàtàkì nípa bí nǹkan ṣe rí. Descartes ará Faransé, tó kú ní 1650, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn rẹ̀ Spinoza àti Leibniz. Ẹmpírísísímù, ẹgbẹ́ onírìírí, ni àwọn tó sọ pé ohunkóhun tí a bá mọ̀ nípa ayé, ìrírí ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí rẹ̀. Locke, Berkeley àti Hume ni tiwọn.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn ti ń dàrú. Tí wọ́n bá ní "ibo ni ìmọ̀ ti wá?", nǹkan méjì ni wọ́n lè máa béèrè.

Èkíní ni pé: èrò tó wà lọ́kàn wa, èrò nípa pupa, nípa iye, nípa Ọlọ́run, báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ṣé wọ́n bí i mọ́ wa ni, àbí a kó o láti ìta? Èkejì ni pé: nígbà tí a bá sọ pé òótọ́ ni nǹkan kan, kí ni ẹ̀rí wa? Ṣé a ní láti wo ayé kí a tó mọ̀ pé òótọ́ ni, àbí ríronú sí i ti tó?

Ẹni kan lè wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, kí ó sì fara mọ́ ẹgbẹ́ kejì lórí èkejì. Locke gan-an ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí òye ènìyàn, tó jáde ní ìparí 1689, ó takú pé kò sí èrò kankan tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn. Síbẹ̀, nínú ìwé kan náà, ó gbà pé a lè fi ìrònú nìkan mọ òtítọ́ ìṣirò dájú, ó ní a tilẹ̀ lè fi àlàyé bẹ́ẹ̀ gbé wíwà Ọlọ́run lẹ́sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé "Locke kò gba làákàyè gbọ́" ti ṣi Locke kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ ọ́ pé Descartes sọ pé ojú kò wúlò. Descartes ń gé òkú ẹran láti wo inú rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìmọ́lẹ̀ àti òṣùmàrè. Ohun tó sọ ni pé ojú kò lè jẹ́ ìpìlẹ̀ tí a óò kọ́ gbogbo ìmọ̀ lé, nítorí pé ó máa ń tàn wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ bi ara yín pé èwo nínú ìbéèrè méjèèjì ni olùkọ́ béèrè. Bí kò bá sọ, ẹ̀yin ni kí ẹ pín in.

Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lọ sílé ìwé

Àpẹẹrẹ kan wà tó ju gbogbo àwọn yòókù lọ fún ìdáhùn yìí, nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló lè lò ó. Plato ará Gíríìsì ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Meno, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó ọdún sẹ́yìn. Socrates, olùkọ́ Plato, pe ọmọ kan, ẹrú tí kò kọ́ ìṣirò rí, ó fa onígun mẹ́rin kan sílẹ̀ tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, nítorí pé méjì lọ́nà méjì ni. Ó wá bi ọmọ náà pé: fa òmíràn tí inú rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì èyí, ìyẹn mẹ́jọ. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe gùn tó?

Ọmọ náà kò rò ó jìnnà. Ó ní tí a bá fẹ́ ìlọ́po méjì, kí a sọ ẹ̀gbẹ́ di ìlọ́po méjì: mẹ́rin. Socrates fà á, wọ́n kà á, ó di mẹ́rìndínlógún. Ó ti pọ̀ jù. Ọmọ náà ní ó dára, kí ó jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó ṣì ju mẹ́jọ lọ. Ọmọ náà wá búra pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Socrates padà sí èyí tó tóbi, tó jẹ́ mẹ́rìndínlógún, tí onígun mẹ́rin kékeré mẹ́rin para pọ̀ di. Ó fa ìlà kan gba inú kékeré kọ̀ọ̀kan, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pàdé ara wọn, tí wọ́n sì di onígun mẹ́rin tuntun láàárín. Ìlà kọ̀ọ̀kan gé kékeré kan sí méjì. Ìdajì mẹ́rin ni méjì, ìdajì bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló sì wà nínú tuntun náà. Méjì lọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kà á tó sì sọ ọ́. Ẹ fà á sórí iyẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó ka ìpínrọ̀ tó kàn. Ẹni tó bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Plato ní ẹnikẹ́ni kò sọ ìdáhùn fún ọmọ náà, nítorí náà inú rẹ̀ ló ti jáde. Ọkàn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i, ó kàn ń rántí ni. Lójú tèmi, ẹ má gba apá ìrántí yẹn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹgbẹ́ onílàákàyè gbára lé. Ohun tó le níbẹ̀ ni èyí: nígbà tí ọmọ náà rí i pé mẹ́jọ ni, kò ní láti fa ọgọ́rùn-ún onígun mẹ́rin mìíràn kí ó tó dá a lójú. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo onígun mẹ́rin bẹ́ẹ̀ tó wà láyé, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà.

Locke ní, ta ló bí i mọ́ ọn?

Ẹgbẹ́ onírìírí kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ sọ pé Socrates ń darí ọmọ náà pẹ̀lú ìbéèrè, àti pé ọmọ náà ń wo àwòrán nílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lágbára tó. Èyí tó lágbára ni ti Locke.

Locke ní: ẹ mú òfin tó rọrùn jù lọ tí ẹ lè sọ pé wọ́n bí mọ́ gbogbo ènìyàn, bíi "ohun tó bá wà, ó wà", tàbí pé nǹkan kan kò lè wà kí ó má sì wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi ọmọ ọwọ́. Kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní ó wà nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ pé ó wà, Locke ní kí wá ni ìtumọ̀ pé nǹkan wà lọ́kàn ẹni tí ọkàn kò sì mọ̀ ọ́n rí? Bí ẹ bá sì ní ó ní agbára láti mọ̀ ọ́n tó bá dàgbà, gbogbo ohun tí ènìyàn lè kọ́ láyé ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ohun tó yàtọ̀ mọ́. Ọkàn, ní tirẹ̀, dà bí ìwé funfun tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Orísun méjì ló ń kọ ọ́: ohun tí ojú, etí, ahọ́n, imú àti ara ń gbé wọlé, àti ohun tí ọkàn rí nígbà tó bá wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ronú, tó ń ṣiyèméjì, tó ń fẹ́.

Padà sí ọmọ ọ̀dọ̀ Socrates: èrò nípa ìlà, nípa gígùn, nípa iye, ojú àti ọwọ́ ló kó wọn wá. Ohun tí làákàyè ṣe ni pé ó fi wọ́n wé ara wọn. Locke ti borí lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí.

Leibniz kò gbà

Leibniz ka ìwé Locke, ó sì jókòó kọ èsì sí i ní orí dé orí. Locke kú ní 1704, Leibniz kò sì fẹ́ tẹ èsì jáde sí ẹni tó ti kú. Kò jáde títí di 1765, nígbà tí Leibniz alára ti kú tipẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó sí iyàrá kan ń jiyàn.

Èsì rẹ̀ méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Ó ní ọkàn kì í ṣe ìwé funfun, òkúta mábù tó ní iṣan nínú ni. Bí iṣan náà bá ti tẹ̀ lé ìrísí kan, agbẹ́kùúta ṣì ní láti ṣiṣẹ́ kí ìrísí yẹn tó hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrísí ni òkúta yẹn gbà bákan náà. Ìyẹn ló fi dáhùn ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́.

Èsì kejì ló le jù. Ìrírí, bó ti wù kó pọ̀ tó, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ló lè sọ. Ó lè sọ pé ẹgbẹ̀rún onígun mẹ́rin rí báyìí. Kò lè sọ pé kò sí bí òmíràn ṣe lè rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn mọ̀ pé kò sí bí òmíràn ṣe lè rí. Nígbà náà, ìdánilójú yẹn kò lè jẹ́ láti inú iye ohun tó ti rí. Ẹ kíyè sí i pé Leibniz ti kúrò lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ bọ́ sí ìkejì. Kò jiyàn mọ́ lórí bí èrò ṣe dé ọkàn. Ẹ̀rí ló ń béèrè.

Hume pààlà

Hume ará Skọ́tíláńdì wá ní 1748, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí lọ́wọ́ onírìírí: ó gba irú ohun tí Leibniz sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì Leibniz kò tíì jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n ó há a mọ́ igun kan. Ó ní ohun tí ènìyàn lè mọ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ bí èrò ṣe bá èrò tan, irú ìṣirò. Ríronú nìkan tó fún un, kò sì lè rí bí òmíràn. Èkejì jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé. Ìyẹn lè rí bí òmíràn nígbàkígbà, ìrírí nìkan ló sì lè jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ rántí ọjà Kábà: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ₦1,000 wà ní ìpín àkọ́kọ́, ₦1,000 fúnra rẹ̀ wà ní ìkejì.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni àpẹẹrẹ tí Hume mú láti inú Bíbélì. Ó ní kí a gbà pé làákàyè Ádámù pé pérépéré láti ọjọ́ tí wọ́n dá a. Ó wo omi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i pé ó ń ṣàn, ó sì mọ́ gaara. Ṣé nínú ìyẹn nìkan ló ti lè mọ̀ pé omi lè pa òun bí òun bá rì sínú rẹ̀? Ó wo iná, ó mọ́lẹ̀, ó móoru. Ṣé ó lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé yóò jó òun? Kò lè mọ̀ ọ́n. Làákàyè pípé kò ràn án lọ́wọ́ títí ìrírí fi dé. Bí ohun kan ṣe ń fa òmíràn, a kì í fi ìrònú nìkan mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ Ádámù yìí kọlu Descartes níbi tó ti dùn ún jù, nítorí pé Descartes fẹ́ kọ́ ìmọ̀ nípa ayé lé ohun tí làákàyè nìkan rí dájú.

Báwo wá ni a ṣe ń kọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń gbé wá: "Kò sí ohun tí a mọ̀ tí kò ti inú ìrírí wá. Jíròrò." Bí ó bá jẹ́ wákàtí méjì fún ìbéèrè mẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ ní fún un. Ẹ fi márùn-ún rò ó kí bírò tó kan ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi èdè Òkun tàbí Yorùbá rò ó. Ohun tí ẹ kò bá lè sọ fún ìyá yín nínú ilé, kò tíì yé yín.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń sọ ọdún tí wọ́n bí Locke. Ibẹ̀ ni ẹ ti ń pín ìbéèrè sí méjì, tí ẹ sì ń sọ ibi tí ẹ̀ ń lọ. Ó lè rí báyìí:

*"Ọ̀rọ̀ yìí lè túmọ̀ sí pé gbogbo èrò wa ni a kó láti inú ìrírí, tàbí pé ìrírí nìkan ni ẹ̀rí fún gbogbo ohun tí a mọ̀. N ó jiyàn pé àkọ́kọ́ lè jẹ́ òótọ́ ṣùgbọ́n èkejì kì í ṣe òótọ́, nítorí ìmọ̀ ìṣirò. N ó sì fi hàn pé èyí kò ran ẹgbẹ́ onílàákàyè lọ́wọ́ tó bí wọ́n ṣe rò."*

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, olùkọ́ sì ti mọ̀ pé ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dá èyí tó ṣáájú rẹ̀ lóhùn. Ẹ gbé ìjiyàn Locke lórí ọmọ ọwọ́ kalẹ̀, kí ẹ sọ pé ìdí nìyí tí ẹ fi gba ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wá mú ọmọ ọ̀dọ̀ Socrates wọlé, pẹ̀lú iye rẹ̀, kí Leibniz fi ṣẹ́gun ìtumọ̀ kejì. Hume tẹ̀ lé e láti pààlà, Ádámù sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìdájọ́ yín ló kẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ ṣèlérí ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́.

Ìdáhùn tó ń kùnà, ẹ lè fi ojú dá a mọ̀. Ojú-ewé kan ni fún ẹgbẹ́ onílàákàyè, ojú-ewé kan fún onírìírí, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ dán an wò: bí ẹ bá lè pààrọ̀ ipò ìpínrọ̀ kejì àti ìkẹta tí kò sì sí ohun tó bàjẹ́, àkójọ lẹ kọ, ẹ kò jiyàn. Ìparí irú rẹ̀ ni "nítorí náà, méjèèjì dára, a nílò wọn." Méjèèjì nílò ara wọn fún kí ni? Lórí èwo nínú ìbéèrè méjèèjì?

Bí wọ́n bá béèrè pé kí ẹ "fi wọ́n wéra", ẹ kò ní yí ètò yìí padà púpọ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí ìbéèrè méjèèjì di òṣùwọ̀n: lórí orísun èrò, kí ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ, lórí ẹ̀rí, kí ni wọ́n sọ, àti níbo ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan, pàápàá lórí ìṣirò, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mẹ́nu bà.

Kant ńkọ́?

Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ fi Kant, ará Jámánì tó kọ̀wé lẹ́yìn Hume, parí, bí ẹni fi àmín parí àdúrà. Bí ẹ kò bá ní ìpínrọ̀ kan gbáko fún un, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ní in, ohun tí ẹ máa lò nìyí. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ tó jáde ní 1781, tó sì tún kọ apá kan rẹ̀ ní 1787, ó ní lóòótọ́ ni gbogbo ìmọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrírí, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé inú ìrírí ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Àwọn ìbéèrè méjèèjì tí a pín láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yà sọ́tọ̀ nínú gbólóhùn yẹn. Ó ní Hume ṣi ìṣirò sí ipò: méje àti márùn-ún di méjìlá kì í ṣe èrò tó kàn ń tan mọ́ èrò lásán, nítorí pé bí ẹ bá tú "méje", "márùn-ún" àti "ìpapọ̀" wò dáadáa, ẹ kò ní bá "méjìlá" nínú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ kà á, bíi kí ẹ fi ìka kà á. Síbẹ̀ kò lè rí bí òmíràn. Bí Kant bá tọ̀nà lórí èyí, a jẹ́ pé ààlà tí Hume pa ti já ní ibì kan, ẹni tó bá sì fẹ́ gbèjà Hume ní láti fi hàn pé "méjìlá" ti wà nínú "méje" àti "márùn-ún" tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn Kant, pàápàá Frege ará Jámánì ní 1884, ìjà náà kò sì tíì parí títí di òní.